Iṣẹ́ wo ni aránṣọ lè kọ́kọ́ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti gba fíríídọ̀mù, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń gé e, èmi náà ni mò ń rán an, ṣọ́ọ̀bù ni mo sì máa ń sùn bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Mo gba ọmọbìnrin kan lóṣù tó kọjá kí ó máa bá mi rán an. Aṣọ kejì tó rán, léèsì ni, ó tóbi ju oníbàárà lọ, ibi tí a ti ń tú u ló ti ya. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí láti fi aṣọ olówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, kí o tó dá ọmọ yẹn lẹ́jọ́, tẹ́ léèsì náà sórí tábìlì, kí o sì fi téèpù wọn ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ ti tú u náà, ojú abẹ́rẹ́ ṣì máa hàn. Ohun tí mò ń fura sí ni pé wàá rí i pé àbọ̀ íǹṣì ni ó gbà sínú níbi tí ìwọ ti fi íǹṣì kan sílẹ̀ nígbà tí o ń gé e. Wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ. Ẹ̀wù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní aṣọ iwájú àti aṣọ ẹ̀yìn tí a rán pọ̀, ojú mẹ́rin nìyẹn. Bí ẹni tó rán an bá fi àbọ̀ íǹṣì dín ohun tó yẹ kó gbà sínú lójú kọ̀ọ̀kan, àbọ̀ lọ́nà mẹ́rin di íǹṣì 2. Íǹṣì 2 láyà ti tó láti mú kí aṣọ máa fì lára oníbàárà bí ìgbà tó yá a wọ̀. Bó bá sì jẹ́ òdìkejì ni, pé àbọ̀ ni ìwọ fi sílẹ̀ tí òun gba íǹṣì kan, aṣọ á fún un ní íǹṣì 2, síìpù kò sì ní pàdé.

Bí o bá bá a bẹ́ẹ̀, kò sí aláìbìkítà nínú ẹ̀yin méjèèjì. Àláwánsì, ìyẹn aṣọ tí o fi sílẹ̀ fún ojú rírán, inú orí rẹ ló wà, kò sí lára aṣọ. Ọmọ náà lo èyí tí ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ń lò, ó sì rán an tààrà, ó rán an dáadáa, aṣọ ṣì bàjẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ télọ̀ tí wọ́n lé òṣìṣẹ́ gidi lọ nítorí irú èyí, tí wọ́n wá ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní ìfarabalẹ̀. Ẹni tó ń gé aṣọ tí òun náà ń rán an kò nílò láti sọ ohunkóhun fún ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni síìpù máa gbà, ó mọ ojú aṣọ tó jẹ́ òde, ó mọ̀ pé èjìká òsì oníbàárà yìí wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá jókòó sí ìdí máṣíìnì ni gbogbo ohun tí a kò kọ yẹn máa jáde bí àṣìṣe, orí ẹni tó rán an ni ẹ̀bi sì máa já lé.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn. Àǹtí Télọ̀ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jọ tìrẹ gan-an. Ó ní máṣíìnì ńlá oníná kan, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan, àti máṣíìnì wíìfìn kan tí a fi ń rán etí aṣọ kó má baà tú, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó wá bá mi pẹ̀lú ẹkún, mo ní kó kọ iye àkókò tí ẹ̀wù ànkárá kan ṣoṣo ń gbà á sílẹ̀, èyí tó ní apá àti síìpù, tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Ohun tó kọ rèé: wíwọn oníbàárà àti bíbá a sọ̀rọ̀ sítáì gba ìdajì wákàtí, gígé gba ìṣẹ́jú 45, rírán pọ̀ gba wákàtí 2 àbọ̀, wíìfìn gba ìṣẹ́jú 20, ṣíṣẹ́ etí ìsàlẹ̀, húùkù àti yíyọ òwú gba ìṣẹ́jú 40, áyọ́ọ̀nù gba ìṣẹ́jú 15. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 5. Ẹ̀wù méjì lóòjọ́ ti gba wákàtí 10 lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù.

Nínú wákàtí 5 yẹn, ibi tí wọ́n ti ń wá òun fúnra rẹ̀ ni wíwọn àti gígé. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni méjèèjì. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45 tó kù, ọwọ́ mìíràn lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo rẹ̀ lé ẹni tuntun lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí léèsì rẹ ló máa ṣẹlẹ̀. Ètò tí mo fún un kò sì tẹ̀ lé bí iṣẹ́ ṣe rọrùn tó. Ìbéèrè kan péré ni mo ní kó máa bi ara rẹ̀ nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá ṣe é bàjẹ́, ṣé mo lè tún un ṣe, kí ni yóò sì ná mi? Áyọ́ọ̀nù rọrùn, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù lórí aṣọ tó ní ọ̀rá nínú lè jó o ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí àtúnṣe. Rírán ẹ̀gbẹ́ ànkárá dà bí iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n bó bá wọ́, a ó tú u, a ó tún un rán, bí a bá fọ̀ ọ́ tí a lọ̀ ọ́, ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ á pa dé. Gígé ni kò ní àtúnṣe rárá, pàápàá nígbà tí oníbàárà mú aṣọ tó ṣe rẹ́gí wá.

Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ Àǹtí Télọ̀ ni etí ìsàlẹ̀ ànkárá, húùkù àti yíyọ òwú. Lẹ́yìn náà ni wíìfìn, nítorí pé ọ̀bẹ wà lára máṣíìnì yẹn tó ń gé etí aṣọ bó ṣe ń rán an lọ, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò á gé wọ inú àláwánsì. Ó fi àjákù aṣọ kọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kó tó gbé aṣọ oníbàárà fún wọn. Ìgbà tí ìyẹn rinlẹ̀ ló tó jẹ́ kí wọ́n rán láínìn, nítorí pé inú ni láínìn wà. Ẹ̀yìn láínìn ni rírán ẹ̀gbẹ́ àti èjìká ànkárá, lẹ́yìn rẹ̀ ni apá, lẹ́yìn apá ni síìpù. Léèsì, ṣẹ́dà àti sátíìnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gba ara sátíìnì kọjá, ihò rẹ̀ kì í lọ mọ́. Léèsì ní tirẹ̀, okùn ara rẹ̀ àti òwú tí a fi rán an máa ń lọ́ mọ́ra wọn, ẹni tó bá ń fi bíléèdì tú u lè gé okùn aṣọ gan-an, ó dá mi lójú pé ibi tí tìrẹ ti ya nìyẹn. Aṣọ kejì tí ọmọ tuntun fọwọ́ kàn ní ṣọ́ọ̀bù kò yẹ kó jẹ́ léèsì rárá.

Ìwé ló tún kàn. Àǹtí Télọ̀ ní ìwé ìwọ̀n bíi ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ ni ìwé náà máa ń wà nígbà tí aṣọ wà lórí máṣíìnì. Mo ní kó máa gé pépà pélébé kan fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, kó fi píìnì so ó mọ́ aṣọ tó ti gé. Nọ́ḿbà oníbàárà nínú ìwé ńlá wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àyà, ìbàdí, ìdí, gígùn ẹ̀wù àti gígùn apá, ibi tí síìpù máa gbà, àwòrán sítáì bó ti wù kó rí, àti iye ègé aṣọ tó wà nínú ìdì: iwájú 1, ẹ̀yìn 2, apá 2, láínìn 3. Ẹni tó fẹ́ rán an gbọ́dọ̀ ka ègé kó tó jókòó, torí apá kan tó bá sọnù sínú àjákù lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ọjọ́ tó máa kọ sórí pépà kì í ṣe ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀ ni, kí àyè àtúnṣe lè wà. Gbogbo ìdì wà nínú náílọ̀nù tirẹ̀, àjákù aṣọ tó kù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ la ó ti rí aṣọ tí a ó fi tún nǹkan ṣe bí ó bá bàjẹ́.

Ní ti àláwánsì, ṣọ́ọ̀bù kan gbọ́dọ̀ ní òfin kan. Ti Àǹtí Télọ̀ ni íǹṣì kan ní ẹ̀gbẹ́, àbọ̀ íǹṣì ní èjìká àti ibi tí apá ti wọlé, íǹṣì 2 ní ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú máṣíìnì. Ìṣirò iwájú ẹ̀wù tí àyà rẹ̀ jẹ́ 38 wá ń lọ báyìí: 38 pín sí mẹ́rin jẹ́ 9 àbọ̀, ó fi àbọ̀ kún un kí oníbàárà lè mí, ó di 10, ó fi íǹṣì kan kún un fún ẹ̀gbẹ́, ó di 11. Kó tó gbé aṣọ kúrò lórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi íǹṣì 10 yẹn, ó sì fi ẹnu àlùmọ́gàjí já etí aṣọ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó ń rán kò ní ìdí láti méfò mọ́. Ó tún fi sẹ́lótéèpù aláwọ̀ pupa lẹ ara máṣíìnì, ní ìwọ̀n íǹṣì kan gééré sí abẹ́rẹ́, tó fi jẹ́ pé bí etí aṣọ bá ti ń gba ẹ̀gbẹ́ téèpù náà lọ, íǹṣì kan ni ó ń gbà sínú láti òkè délẹ̀. Nǹkan kékeré yìí dín aṣọ títú kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ju gbogbo ìbáwí lọ.

Yíyẹ aṣọ wò náà ní ibi tirẹ̀. Télọ̀ púpọ̀ máa ń dúró di ìgbà tí aṣọ bá parí tán, tí wọ́n ti wíìfù, tí wọ́n ti ṣẹ́ etí, kí wọ́n tó wò ó, nígbà yẹn gbogbo àtúnṣe ti di iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ìgbà tí a ti rán ẹ̀gbẹ́ àti èjìká, tí síìpù kò tíì wọlé, tí a kò tíì wíìfù, ni kí o dá a dúró. Ẹni tó rán an ni yóò kọ́kọ́ fi téèpù wọn àyà, ìbàdí àti ìdí aṣọ, yóò kọ iye tó bá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n tó wà lórí pépà, lẹ́yìn náà ni ìwọ yóò wá wò ó. Bí àyà oníbàárà bá jẹ́ 38, tí o ti fi àbọ̀ kún un lójú kọ̀ọ̀kan kó lè mí, 40 ló yẹ kí aṣọ jẹ́. Bó bá jẹ́ 42, ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀ kí oníbàárà tó mọ̀. Mo fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n nítorí pé ẹni tí ọ̀gá ń bá wọn gbogbo nǹkan kì í kọ́ láti rí àṣìṣe ara rẹ̀, ìwọ ló máa máa dúró lé e lórí títí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ká ní ẹgbẹ̀rún 12 náírà ni owó iṣẹ́ ẹ̀wù ànkárá kan, tí o sì ń san ẹgbẹ̀rún 3 fún ẹni tó bá ọ rán an pọ̀. Nígbà tí Àǹtí Télọ̀ dá wà, ẹ̀wù méjì ló ń jáde lóòjọ́, ẹgbẹ̀rún 24. Nígbà tó gba ẹnì kan, ẹ̀wù mẹ́ta ló ń jáde: ẹni náà ń lo wákàtí 7 àbọ̀ nídìí máṣíìnì, òun ń lo wákàtí 7 àbọ̀ nídìí wíwọn, gígé àti píparí rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún 36 ló wọlé, ó san 9, ó ku 27. Ẹgbẹ̀rún 3 péré ló fi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pa iṣẹ́ tì nìyí, wọ́n á ní wàhálà òṣìṣẹ́ kò jọ èrè rẹ̀. Ohun tí wọn kò kà ni pé wákàtí 10 ti di 7 àbọ̀, ó sì ti ń sùn nílé. Ìgbà tó gba ẹnì kejì tó ń rán, tó tún fi ẹnì kan sí ìdí wíìfìn, etí àti áyọ́ọ̀nù, tó ń san ẹgbẹ̀rún kan fún un lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, ni èrè wá hàn: ẹ̀wù 6, ẹgbẹ̀rún 72 wọlé, ó san 18 àti 6, ó ku 48. Ìlọ́po méjì ohun tó ń rí nígbà tó dá wà nìyẹn, wákàtí tirẹ̀ kò sì kọjá 7 àbọ̀. Mi ò tíì yọ òwú, iná, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù o, iṣẹ́ 6 lóòjọ́ sì gbọ́dọ̀ wọlé lóòótọ́ kí ìṣirò yìí tó dúró. Bí iṣẹ́ tó ń wọlé fún ọ kò bá ju 3 lọ lóòjọ́ láàárín ọdún, má gba ènìyàn méjì nítorí ìgbòkègbodò oṣù Disẹ́ńbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o san owó níye aṣọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó má tíì jẹ́ owó oṣù. Lẹ́yìn ọdún tuntun, iṣẹ́ máa ń fà sẹ́yìn, owó oṣù kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ fà sẹ́yìn. Ewu tó wà nínú sísan níye aṣọ ni pé ọwọ́ á máa yá ju bó ti yẹ lọ. Àǹtí Télọ̀ kì í san owó aṣọ títí tí aṣọ yóò fi kọjá níbi téèpù. Bí àṣìṣe bá wá láti ọwọ́ ẹni tó rán an, òun ni yóò tú u, kò sì ní gba owó kejì. Bí ó bá jẹ́ pé pépà ni kò pé tàbí tó ní nọ́ḿbà tó lòdì, ọ̀gá ló ni ẹ̀bi, yóò sì san owó àtúnrán fún un. Apá kejì òfin yìí ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbà apá kìíní. Ọmọ tó bá mọ̀ pé gbogbo ẹ̀bi ló máa di tòun á máa fi àṣìṣe pamọ́ sábẹ́ láínìn.

O lè máa rò ó pé ọmọ-iṣẹ́ ló kúkú dára jù, torí a kì í san owó fún un. Ọmọ-iṣẹ́ wá láti kọ́ iṣẹ́ ni, àwọn òbí rẹ̀ sì san owó lé e. Bí o bá fi í sí ìdí húùkù àti áyọ́ọ̀nù láti ọdún kan dé èkejì, o ti jẹ gbèsè ohun tí o ṣe àdéhùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ tó bá gba fíríídọ̀mù ló máa lọ, bí òun bá sì ni òpó tí ṣọ́ọ̀bù rẹ dúró lé, ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù máa wó. Jẹ́ kí àwọn ọmọ-iṣẹ́ máa yí ká láti ìpele dé ìpele bí mo ṣe tò wọ́n lókè yìí, kí ẹni tí o ń san owó fún jẹ́ ẹni tí o fi ọkàn tẹ̀. Gbígbé aṣọ jáde fún télọ̀ mìíràn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òfin àláwánsì rẹ kò sí lára ògiri tirẹ̀, o kò sì lè dúró yẹ aṣọ wò kí síìpù tó wọlé. Aṣọ ẹbí onísítáì kan náà, bùbá àti ìró, nìkan ni mo lè gbé jáde bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀wù 6 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóòjọ́, wàhálà tuntun dé sí ṣọ́ọ̀bù Mókọ́lá. Àwọn tó ń rán a máa jókòó lásán láàárọ̀, wọ́n ń dúró dè é kó gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ń pè é lórí fóònù, àwọn mìíràn sì ń wọlé wá wọn ara wọn. Ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Mo ní kó wo ibi tí ìdì aṣọ ti ń ga jọ: orí tábìlì tirẹ̀ ni. Níbikíbi tí aṣọ bá ti ń kó jọ ni iṣẹ́ ti há, nígbà mìíràn ọ̀gá ni ẹni tó há a mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ ọ̀la ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ìdì ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó sì sọ fún oníbàárà pé ọ̀sán ni ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gé páálí fún bùbá ní ìwọ̀n 36, 40, 44 àti 48, àti fún bùbù. Bùbá fẹ̀ lára, àṣìṣe íǹṣì kan kò ní bà á jẹ́, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ jù nínú àwọn tó ń rán ti ń tẹ́ páálí lé ànkárá, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, Àǹtí Télọ̀ á wò ó kí àlùmọ́gàjí tó wọ̀ ọ́. Láínìn náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ara aṣọ tó ti gé ni wọ́n ń tẹ́ lé e láti gé e. Ẹ̀wù tó fún ara, tó ní dáàtì, ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn oníbàárà ńkọ́? Ohun tí ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn, pé wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ń sanwó fún. Àwọn mìíràn sọ ọ́ lóòótọ́, àwọn méjì kan tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti dá wà sì kó aṣọ wọn lọ. Kò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ fún wọn pé, "Èmi ni mo wọ̀n yín, èmi ni mo gé e, èmi ni mo máa wò ó lára yín, mà, àwọn tí mo kọ́ ló rán an pọ̀." Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ bìkítà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí aṣọ bá wọn lára mu, kó sì jáde ní ọjọ́ tí a dá. Ti ọjọ́ yẹn gan-an ló ti máa ń já wọn kulẹ̀ nígbà tó dá wà, ẹni tó wá láti Gbági pẹ̀lú aṣọ ìnáwó ọ̀sẹ̀ méjì kò ní fẹ́ gbọ́ pé ó kù díẹ̀.

Ètò yìí ní ibi tó mọ. Aṣọ ìyàwó, kọ́sẹ́ẹ̀tì àti gbogbo aṣọ tí a ń tún gé lára oníbàárà bí a ṣe ń rán an lọ kò ṣeé kọ sórí pépà pélébé, ọwọ́ kan náà ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó sì parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irú iṣẹ́ yẹn ni inú rẹ dùn sí jù, tí oníbàárà sì ń san iye tó yẹ fún un, o lè pinnu láti dín aṣọ kù kí o gbé owó iṣẹ́ sókè, kí o má gba ju ẹnì kan tó ń bá ọ ṣe láínìn àti etí. Mo mọ télọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ sì tù ú. Bákan náà, àwọn ọmọ kan wà tí pépà àti ìlà ṣọ́ọ̀kì kò ní ràn lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wàá fi mọ̀ wọ́n ni pé àṣìṣe kan náà á padà wá lẹ́yìn tí ẹ ti jọ wò ó lórí téèpù, tàbí kí iye tó kọ yàtọ̀ sí iye tí ìwọ bá nígbà tí o tún un wọ̀n. Ẹni tó ń kọ nọ́ḿbà tí kò wọ̀n, má fi aṣọ lé e lọ́wọ́ mọ́. Ti ọmọ tìrẹ, mi ò tíì lè sọ, torí kò tíì sí pépà tó lè tẹ̀ lé. Fún un ní ànkárá tí ìlà wà lára rẹ̀ ná.

Ó ku ti léèsì tó ya. Má yọ ọ́ nínú owó ọmọ náà bí àláwánsì bá jẹ́ okùnfà rẹ̀. Kọ́kọ́ wo inú àjákù tó kù, bí òdòdó léèsì kan bá wà níbẹ̀ tó tó bo ojú ibi tó ya, gé òdòdó náà yípo létí, tẹ́ ẹ lé e, kí o fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu, kí o tún ṣe irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè dà bí sítáì. Ṣe é kí o tó pe oníbàárà, ṣùgbọ́n fi hàn án kedere, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o má sì gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí kò bá gbà á, wá irú léèsì náà lọ́jà, kí o rà á fún un ní gígùn tó mú wá. Bí irú rẹ̀ kò bá sí mọ́, owó aṣọ ni kí o dá padà, kí ìwọ sì mú léèsì náà sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ á fi kọ́ bí a ṣe ń tú léèsì láìfi bíléèdì kàn án.